Bọ́ọ̀lù orí okùn tó ń yí lókè-nílẹ̀: 2mg ni ìyàtọ̀ ìfà okùn, àbí 6mg?

Ọmọ Ìwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n so bọ́ọ̀lù mọ́ orí okùn, ó ń yí po láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó tún ń padà wá sísàlẹ̀. Wọ́n ní ká sọ iye tí ìfà okùn fi pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Èmi rí 2mg, ìyẹn ìlọ́po méjì mg tó jẹ́ ìwúwo bọ́ọ̀lù. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ní 6mg. Mo tún un ṣe títí, 2mg náà ló ń jáde. Níbo ni wọ́n ti rí 4mg tó kù?

Káyọ̀dé_B

2mg ni o, má jẹ́ kí ìwé yẹn dà ọ́ rú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, okùn ń fà á sísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ náà ń fà á sísàlẹ̀, apá ibi tí àárín wà ni àwọn méjèèjì sì dojú kọ. Bí T bá jẹ́ ìfà okùn, tí v jẹ́ eré bọ́ọ̀lù, tí r sì jẹ́ gígùn okùn, ó já sí:

`T + mg = mv²/r`

Nígbà tó bá wà nísàlẹ̀, òkè ni àárín wà. Okùn ń fà á lọ síbẹ̀, ìwúwo ń fà á kúrò níbẹ̀:

`T − mg = mv²/r`

Yọ tòkè kúrò nínú tìsàlẹ̀, mv²/r á pa ara wọn rẹ́, 2mg ló máa ṣẹ́ kù. Wọ́n tẹ ìdáhùn yẹn sí ìwé lódì ni.

Tísà Àgbà

Káyọ̀dé, ìdógba méjèèjì tí o kọ yẹn dára, mi ò ní yọ nǹkan kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n wo v tó wà nínú wọn. Lẹ́tà kan náà lo kọ síbi méjèèjì, o wá jẹ́ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́ bí ẹni pé eré bọ́ọ̀lù kò yí padà. Bọ́ọ̀lù tí kò sẹ́ni tó ń tì í, tó kúrò lókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, já wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì gígùn okùn. Ohun tó bá ń já bọ̀ á máa sáré sí i. Nígbà tó bá fi máa dé ìsàlẹ̀, eré rẹ̀ ti ju ti òkè lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà sí i. Bọ́ọ̀lù wa jẹ́ gíráàmù 200, okùn gùn tó ìdajì mítà. Ká fi 10 ṣe g kó lè rọrùn, ìwúwo bọ́ọ̀lù á jẹ́ Níútọ̀nù 2. Ká ní ó gba òkè kọjá pẹ̀lú eré mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. mv²/r níbẹ̀ jẹ́ 0.2 × 9 ÷ 0.5, ìyẹn 3.6. Ìwúwo ti ṣe Níútọ̀nù 2 nínú rẹ̀, nítorí náà 1.6 péré ló kù fún okùn láti fà.

Ẹ wá tẹ̀ lé e wá sísàlẹ̀. Ó já wálẹ̀ ní mítà kan gbáko, v² sì fi 2 × 10 × 1 lé sí i. 9 di 29. mv²/r nísàlẹ̀ wá di 0.2 × 29 ÷ 0.5, ìyẹn 11.6. Okùn ló máa dá gbé gbogbo èyí, á sì tún gbé ìwúwo Níútọ̀nù 2 lé e, ó di 13.6.

13.6 yọ 1.6, ó ku 12. Ìwúwo bọ́ọ̀lù jẹ́ 2. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ rèé. Méjì tí ẹ rí yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí pé ìwúwo ń ran okùn lọ́wọ́ lókè, ó sì ń di ẹrù lé e lórí nísàlẹ̀. Mẹ́rin tó kù wá láti inú eré tí bọ́ọ̀lù kó jọ bó ṣe ń já bọ̀.

Ọmọ Ìwé

Ẹ ṣeun sà. Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n bí okùn bá gùn sí i ńkọ́? Á já láti ibi tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré tó máa kó jọ á sì pọ̀ sí i. Kí ló dé tí 6mg kò fi ní pọ̀ sí i pẹ̀lú rẹ̀?

Tísà Àgbà

Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Fi okùn mítà kan dánwò fúnra rẹ. Jẹ́ kó gba òkè kọjá pẹ̀lú eré mítà 4. mv²/r lókè jẹ́ 3.2, okùn á fa 1.2. Nísàlẹ̀, v² á di 16 + 40, ìyẹn 56. 0.2 × 56 ÷ 1 jẹ́ 11.2, fi 2 kún un, ó di 13.4 … rárá, ẹ má wo ọwọ́ mi, 13.2 ni. Yọ 1.2 níbẹ̀: 12 náà ni.

Ohun tó fà á ni pé okùn gígùn ń fún bọ́ọ̀lù ní eré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń tọ̀ náà kò wá kọ kọ́rọ́ mọ́, ó ti fẹjú. Bí ọ̀nà bá ti fẹjú tó, bẹ́ẹ̀ ni ipá tó ń yí i padà ṣe máa ń dín kù. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, r á sì jáde pátápátá nínú ìṣirò. Eré tí bọ́ọ̀lù fi gba òkè kọjá náà á jáde bákan náà. Máàsì àti g nìkan ló ń ṣẹ́ kù.

Àkàndé Okùn

Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí bọ́ọ̀lù lè débẹ̀. Bí agbára tí ẹ fi ta á nísàlẹ̀ bá ti tó gbé e dé ibi gíga òkè yẹn, á yí po nìyẹn. Pẹ̀lú okùn ìdajì mítà, òkè fi mítà kan ga ju ìsàlẹ̀ lọ, eré tó lè gbé e dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.5. Mo máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá irin tí mo so bọ́ọ̀lù mọ́ lórí, ó sì ń yí po dáadáa.

Tísà Àgbà

Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé, ọ̀pá ni ti yín, okùn la ń sọ níhìn-ín. Ọ̀pá lè fà, ó sì lè tì. Bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ dúró sójú kan lókè, ọ̀pá á gbé e ró láti ìsàlẹ̀. Okùn kò lè ti nǹkan kan.

Ẹ fi eré 4.5 yín ta bọ́ọ̀lù orí okùn, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á máa gòkè lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ga ju àárín lọ, okùn á dẹ̀. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 16 kó dé òkè nígbà náà. Bọ́ọ̀lù ò tíì dúró o, ó ṣì ń sáré tó mítà 1.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ nìkan ti tó láti tẹ ọ̀nà rẹ̀ ju bí okùn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Láti ibẹ̀ ló ti máa fi òbírí sílẹ̀, á máa lọ bí òkò tí a jù, á sì já bọ́ sí inú òbírí.

Kí okùn tó lè gbé bọ́ọ̀lù yí po, eré rẹ̀ lókè gbọ́dọ̀ tó `v² = gr`. Ní tiwa, v² jẹ́ 5 lókè, 25 nísàlẹ̀, nítorí náà mítà 5 ni eré tó yẹ kí ẹ fi ta á. Lójú ibẹ̀ gan-an, okùn kò fa nǹkan kan lókè, ó sì ń fa ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo nísàlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń yan okùn: okùn tí kò lè gbé ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo bọ́ọ̀lù kò ní jẹ́ kó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi iyàn lélẹ̀ pé á yí, ìsàlẹ̀ ló ti máa já, bọ́ọ̀lù á sì fò lọ gbọọrọ níwájú.

Bísí Ẹ̀rọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ti ń bá nǹkan yìí jà, tèmi kì í ṣe 2 kì í sì í ṣe 6. Bọ́ọ̀lù gíráàmù 200, okùn ìdajì mítà, bíi ti Tísà. Mo de ẹ̀rọ tó ń wọn ipá mọ́ òpó, ìkọ́ rẹ̀ dojú kọlẹ̀. Mo fi ìṣó kékeré sí ìkọ́ náà, mo fi òrùka tó ń yí fàlàlà sórí ìṣó kí okùn má baà wé mọ́ ọn. Mo ta bọ́ọ̀lù, ó yí po.

Gíráàfù rẹ̀ rí bákan. Nísàlẹ̀, ó kọ 13.4. Lókè tó ṣáájú rẹ̀, ó kọ −1.6. Mo yọ ọ̀kan nínú ìkejì, 13.4 − (−1.6), ó di 15. Ìyẹn ju ìlọ́po méje ìwúwo lọ! Ohun tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ á kọ òdo. Ṣé okùn ń dẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ni? Ojú mi kò sì rí i pé ó dẹ̀.

Káyọ̀dé_B

Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ nìyẹn. Okùn wo ló máa ń fa òdo ní ẹ̀gbẹ́ tó tún wá ń fa ohun tó kéré ju òdo lọ lókè?

Tísà Àgbà

Kò bàjẹ́. Òdo tí àǹtí Bísí rí ní ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ ju ìlà kan lọ. Bí a bá fà á sísàlẹ̀ á kà á, bí a bá tì í sókè á kà á pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ṣùgbọ́n bí a bá fà á sí ọ̀tún tàbí òsì, kò ní kà á rárá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni okùn ń fa ìṣó sí. Bí eré lókè bá jẹ́ mítà 3, ìfà okùn ní ẹ̀gbẹ́ á tó 7.6. Ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni kò rí i.

Òkè náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè ìṣó, okùn ń fa bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀, ó sì ń fa ìṣó sókè. Àmì ìyọkúrò yẹn ń sọ ibi tí ìfà dojú kọ ni. Bí ìfà ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀ ń wá, ẹ ju àmì náà nù. 13.4 yọ 1.6, ó ku 11.8.

Bísí Ẹ̀rọ

Ẹ kú làákàyè sà. 11.8 nìyẹn, ó sún mọ́ 12. Ṣùgbọ́n òkè tó tẹ̀ lé e kọ 1.2. Bí mo bá lo ìyẹn, 13.4 yọ 1.2, ó di 12.2. Èwo ni kí n mú? Ìsàlẹ̀ kan náà ni mo lò fún méjèèjì.

Tísà Àgbà

Ẹ mú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Afẹ́fẹ́ àti òrùka yẹn ń jẹ lára eré bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ láti òkè, wọ́n ti jẹ díẹ̀ nínú eré tó yẹ kó kó jọ, òǹkà ìsàlẹ̀ á sì kéré sí bó ṣe yẹ: 11.8. Bó ṣe ń gòkè padà, wọ́n tún jẹ nínú rẹ̀, òkè tó tẹ̀ lé e á relẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàtọ̀ á wá fẹ̀: 12.2. Ọ̀kan ń dín, èkejì ń pọ̀, àárín wọn sì jẹ́ 12. Kò sí nínú ìwé tó máa sọ èyí fún yín, bẹ́ẹ̀ ó wúlò gan-an. Bí àárín méjèèjì bá jìnnà sí 6mg, ẹ lọ tún bọ́ọ̀lù wọ̀n, tàbí kí ẹ wo ẹ̀rọ bóyá ó ń kọ òdo lóòótọ́ nígbà tí kò sí ohun tó so mọ́ ọn.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ̀rọ yín ń kọ òǹkà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan?

Bísí Ẹ̀rọ

Ọgọ́rùn-ún. Tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá ni, gíráàfù wá ń fò kiri, ìsàlẹ̀ á pọ̀ lónìí, á kéré ní yíyí tó tẹ̀ lé e.

Tísà Àgbà

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀, eré bọ́ọ̀lù yín ju mítà 5 lọ. Láàárín òǹkà kan sí èkejì, bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù á ti rìn ju ìdajì mítà lọ. Ó lè jẹ́ pé ó ti gba ìsàlẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹ̀rọ wò ó, òǹkà tó ga jù yẹn á sì lè fi nǹkan bí 2.6 sọnù, torí pé okùn ti yà kúrò lórí ìlà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ń kà. Ọgọ́rùn-ún ti tó.

Ṣadé_K

Mo ń ka gbogbo yín bọ̀. Èmi kì í ta bọ́ọ̀lù, mo máa ń gbé e dé ẹ̀gbẹ́, kí okùn nà tààrà, màá wá fi sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ìfà okùn nísàlẹ̀ jẹ́ 3mg. Ṣé 3mg yìí kò ta ko 6mg yín?

Ọmọ Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀. Nínú òǹkà Tísà, òkè jẹ́ 1.6, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 7.6, ìsàlẹ̀ jẹ́ 13.6. Láti òkè dé ẹ̀gbẹ́, ó fi 6 lé, ìyẹn 3mg. Láti ẹ̀gbẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó tún fi 6 lé, 3mg mìíràn. Ẹ̀yin àǹtí Ṣadé bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ níbi tí bọ́ọ̀lù kò tíì ní eré kankan, tí okùn kò sì tíì fa nǹkan kan. Ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan lẹ rìn, 3mg ló sì yẹ kí ẹ rí.

Tísà Àgbà

Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Káyọ̀dé_B

Mo gbà pé bọ́ọ̀lù tí a ta tí a fi sílẹ̀ máa mú 6mg wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè mìíràn tí mo ní lọ́wọ́ níbí. Wọ́n kọ ọ́ gedegbe pé eré bọ́ọ̀lù kò yí padà rárá bó ṣe ń yí. 2mg ni ìdáhùn níbẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Tísà Àgbà

2mg ni. Bí eré bá jẹ́ mítà 3 níbi gbogbo, òkè á fa 1.6, ìsàlẹ̀ á fa 5.6, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá nínú ìbéèrè ni gbólóhùn tó sọ nípa eré. Bí wọ́n bá ní eré kò yí padà, 2mg. Bí wọ́n bá ní wọ́n so okùn mọ́ ìṣó, tí wọ́n sì ta bọ́ọ̀lù, 6mg.

Àmọ́ kì í tẹ́ mi lọ́rùn bí wọ́n bá fi okùn béèrè èkíní. Kí eré má baà yí padà, nǹkan gbọ́dọ̀ máa gbé ìwúwo bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́, níbi tó ti ń gòkè àti níbi tó ti ń wálẹ̀. Okùn tó dojú kọ àárín tààrà kò lè ṣe é, torí pé ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà tó ń fà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òkè tàbí ilẹ̀. Pẹ̀lú òǹkà wa yìí, ọwọ́ tó di okùn mú gbọ́dọ̀ gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 28 ju àárín lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó padà, kó tún gòkè bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ yíyí kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n kọ ọ̀pá tí mọ́tò ń yí sínú ìbéèrè.

Káyọ̀dé_B

Èmi ò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀, sà. Bí mo bá fi ọwọ́ fi bọ́ọ̀lù, tí mo sì fi í kíkan, ojú mi ò rí ìyàtọ̀ láàárín eré òkè àti tìsàlẹ̀. Bí eré bá pọ̀ tó mítà 10 lókè, v² jẹ́ 100 níbẹ̀, 120 nísàlẹ̀. Eré ìsàlẹ̀ kò tó mítà 11. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìbéèrè náà kò burú.

Ọmọ Ìwé

Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ìyàtọ̀ ìfà níbẹ̀ náà ńkọ́? Òkè jẹ́ 40 − 2, ìyẹn 38. Ìsàlẹ̀ jẹ́ 48 + 2, ìyẹn 50. 12 náà ni. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ 6mg ló ṣì jẹ́, kò sún mọ́ 2mg rárá.

Káyọ̀dé_B

Òótọ́ nìyẹn fún ti ìṣó. Ti ọwọ́ ni mò ń sọ. Ọwọ́ kì í dúró sójú kan, ó máa ń fi díẹ̀ kún un bó ṣe ń gòkè. Mo rò pé ti ọwọ́ máa bọ́ sáàárín 2 àti 6.

Tísà Àgbà

Ó lè bọ́ síbẹ̀, ó sì lè má bọ́ síbẹ̀. Bí ọwọ́ bá fà á nígbà tó ń wálẹ̀ dípò ìgbà tó ń gòkè, eré ìsàlẹ̀ á tún pọ̀ ju ti ìṣó lọ, ìyàtọ̀ á sì ju 6mg lọ. Bí oníkálukú ṣe ń fì í ló máa sọ ọ́. N kò lè fi ìwé àti gègé yanjú ìyẹn fún ọ.

Bísí Ẹ̀rọ

Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ṣeé so sáàárín okùn, ó ń kọ ìfà okùn fúnra rẹ̀ níbikíbi tí okùn bá dojú kọ. Màá fọwọ́ fi bọ́ọ̀lù náà, màá sì gba fídíò ọwọ́ mi sílẹ̀. Tísà, ṣé kí n ka ìwúwo ẹ̀rọ yìí kún ti bọ́ọ̀lù?

Tísà Àgbà

Ẹ so ó súnmọ́ ọwọ́ bí ẹ bá ti lè ṣe tó, kó má baà máa yí òbírí ńlá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Bí ó bá wà nítòsí bọ́ọ̀lù, ara bọ́ọ̀lù ló dà yẹn, a ò sì ní mọ èwo lẹ̀ ń wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ lò ó lórí ìṣó. Bí ó bá mú nǹkan bíi 12 wá níbẹ̀, a lè gbà á gbọ́ nígbà tó bá wà lọ́wọ́ yín.